Bí a ṣe ń ṣírò èrè ṣíà tó pọ̀ jù tí ọjọ́ ìsinmi bá wà lẹ́yìn títà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń múra íńtáfíù kóòdù, ẹ máa bá ìbéèrè yìí pàdé lọ́jọ́ kan, òun ni nọ́mbà 309 lórí LeetCode. Ohun tí wọ́n ń béèrè ò le rárá láti sọ: wọ́n á fún ẹ ní iye tí ṣíà kan jẹ́ lójoojúmọ́, o lè rà kó o sì tà, iye ìgbà tó bá wù ẹ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo lo lè ní lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó o bá sì ti tà lónìí o ò gbọ́dọ̀ rà lọ́la, ó di ọ̀túnla. Èló wá ni èrè tó pọ̀ jù tó o lè jẹ?

Àwọn ọmọ wa tá a jọ ń kóòdù ní Kubwa níbí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á ṣí lápútọ́ọ̀pù lójú ẹsẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í to `if` lé `if`. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa lápútọ́ọ̀pù yẹn dé ná. Bírò àti ìwé ló kàn, tí wọ́n bá tiẹ̀ ti mú iná lọ kò sí wàhálà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ojú kòkòrò ti ń kó bá èèyàn

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ méje, ká ní iye ṣíà náà lọ báyìí, ní náírà:

20, 26, 28, 18, 25, 30, 27

(Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ṣíà kì í fò báyìí lọ́jà tiwa. Òótọ́ ni, ní NGX ọ̀pọ̀ ṣíà ò lè lọ sókè tàbí sílẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan. Mo kàn fẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín wọn hàn kedere ni.)

Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ẹ lọ́kàn ni pé kó o rà níbi tó bá ti lọ sílẹ̀, kó o tà níbi tó bá ti ga jù kó tó já. Ó dáa, a rà ní 20 lọ́jọ́ kìíní, a ń wò ó bó ṣe ń gòkè, a tà ní 28 lọ́jọ́ kẹta, ₦8 ti wọlé. Ọjọ́ kẹrin wá dé, ṣíà já sí 18, ọwọ́ wa sì wà ní dídè torí àná la tà. Ọjọ́ karùn-ún la tó lè rà, ó ti di 25, a tà ní 30 lọ́jọ́ kẹfà, ₦5. Àpapọ̀ jẹ́ ₦13.

Ẹ wá wo ẹni tó tà ní 26 lọ́jọ́ kejì, tí kò dúró de 28. ₦6 ló jẹ. Ó sinmi lọ́jọ́ kẹta, ó ń wo 28 tó ń kọjá lọ lójú ẹ̀, bóyá ó tiẹ̀ ń káwọ́ lérí. Ọjọ́ kẹrin dé, ó rà ní 18, ó tà ní 30, ₦12. Àpapọ̀ ₦18.

Ṣé ẹ rí i, ẹni àkọ́kọ́ lé ₦2 tó kù lórí 28, ₦2 yẹn ló mú kí ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ bọ́ sórí ọjọ́ tí ọjà pọ́ọ́kú jù, ó wá lọ fi ₦7 lé ohun tó yẹ kó rà ní 18. Ìyẹn ni pé títà ní iye kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti òní nìkan, ó ń gba ọ̀la lọ́wọ́ ẹ. Gbogbo ọgbọ́n tó bá ń wo òní nìkan máa kùnà níbí, a sì nílò ohun tó máa rántí ipò tá a wà, kì í ṣe iye owó nìkan.

Ẹ kọ ipò tí ọwọ́ yín wà nígbà tí ọjà bá pa

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ má bi ara yín pé kí ni mo máa ṣe lónìí. Ẹ bi ara yín pé, nígbà tí ọjà bá pa ní ìrọ̀lẹ́ òní, ipò wo ni mo wà? Mẹ́ta péré ni ìdáhùn tó ṣeé ṣe:

Mú: ṣíà wà lọ́wọ́ mi. Ó lè jẹ́ òní ni mo rà á, ó lè jẹ́ ọjọ́ ti pẹ́.

Tà: òní gan-an ni mo tà.

Sinmi: kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi, mi ò sì tà lónìí.

Àbúrò kan tó ń sin ilẹ̀ bàbá ẹ̀ níbí bi mí nígbà tí mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bọ́ọ̀dù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, Tà àti Sinmi, ṣé kì í ṣe ọwọ́ òfìfo kan náà ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ pín in sí méjì?" Ìbéèrè yẹn dáa, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Lóòótọ́ ọwọ́ méjèèjì ṣófo, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà kó o ṣe lọ́la yàtọ̀. Ẹni tó wà ní Sinmi lè rà lọ́la, ẹni tó wà ní Tà ò lè rà. Ohun tó o lè ṣe lọ́la ló ń pín ipò níyà. Tó o bá pa Tà pọ̀ mọ́ Sinmi, o ti gbàgbé òfin nìyẹn, kóòdù ẹ ò sì ní ibì kankan tó máa ti rántí ẹ̀.

Ó kan kí á fi ọfà so wọ́n. Láti Mú, o lè dúró sí Mú (o ò ta nǹkan kan), tàbí kó o lọ sí Tà. Láti Tà, Sinmi nìkan lo lè lọ. Láti Sinmi, o lè dúró sí Sinmi tàbí kó o rà, kó o padà sí Mú. Ọfà márùn-ún, ó parí. Kò sí ọfà kankan láti Tà sí Mú, bí ẹni tó ń ti Nyanya bọ̀ wá sí Wuse tí kò rí ọ̀nà míì ju kó gba AYA kọjá. Gbogbo òfin ìsinmi inú ìbéèrè náà ò ju ọfà kan tá ò yà lọ.

Ẹ sọ ọfà di ìṣirò

Fún ipò kọ̀ọ̀kan a máa tọ́jú nọ́mbà kan ṣoṣo: owó tó pọ̀ jù tó lè wà lápò wa tá a bá parí òní ní ipò yẹn. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, ríra ń yọ owó, títà ń fi kún un. Torí náà nọ́mbà Mú máa ń jẹ́ gbèsè lọ́pọ̀ ìgbà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, owó wà nínú ṣíà ni.

Ẹ wá wo àwọn ọfà tó *wọlé* sí ipò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí tó ń jáde. Ọfà méjì ló wọ Mú: ó lè jẹ́ pé mo ti wà ní Mú lánàá, tàbí pé mo wà ní Sinmi lánàá, mo wá san iye òní. Èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì la máa mú. Ọfà kan ló wọ Tà: mo wà ní Mú lánàá, mo gba iye òní. Méjì ló wọ Sinmi: mo ti wà ní Sinmi lánàá, tàbí àná ni mo tà. Tá a bá pe iye òní ní p:

```
Mú    = max(Mú àná, Sinmi àná - p)
Tà    = Mú àná + p
Sinmi = max(Sinmi àná, Tà àná)
```

Kí ọjà tó ṣí lọ́jọ́ kìíní ńkọ́? Sinmi jẹ́ 0, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Mú àti Tà ò ṣeé ṣe, torí o ò tíì ra nǹkan kan, kí lo fẹ́ mú, kí lo fẹ́ tà? A ò gbọ́dọ̀ kọ 0 síbẹ̀. Nọ́mbà tó kéré débi pé kò lè borí nínú `max` kankan láéláé ni ká kọ, màá fi "x" dúró fún un nínú tábìlì. Ẹ di èyí mú, mo máa padà sí i.

Ẹ fi ọwọ́ ṣe é, ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ kan

Ọjọ́ kìíní, 20. Mú: kò sí ti àná, torí náà 0 yọ 20, gbèsè 20. Tà ò ṣeé ṣe. Sinmi, 0.

Ọjọ́ kejì, 26. Mú: gbèsè 20 tàbí 0 yọ 26, gbèsè 20 ló sàn. Tà: gbèsè 20 pẹ̀lú 26, ó kù 6. Sinmi ṣì wà ní 0.

Ọjọ́ kẹta, 28. Mú ò yí padà. Tà di 8. Sinmi wá di 6, torí ẹni tó tà lánàá ti dé ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí a ní 8 ní Tà àti 6 ní Sinmi. Ẹni tó ní ojú kòkòrò máa ju 6 dànù torí 8 jù ú lọ. Àwa ò jù ú, torí 6 yìí lè rà lọ́la, 8 yẹn ò lè rà.

Ọjọ́ kẹrin, 18. Ibí gan-an ni 6 yẹn ti máa wúlò: Mú jẹ́ gbèsè 20 tó ti wà ńlẹ̀ tàbí 6 yọ 18, tó jẹ́ gbèsè 12. Gbèsè 12 ló fúyẹ́, òun la mú. Tà di gbèsè 2 (ẹni tó rà ní 20 tó wá tà ní 18, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i). Sinmi di 8.

Àwọn ọjọ́ tó kù, ẹ fúnra yín ṣe é, kẹ́ ẹ wá fi wé èyí:

| Ọjọ́ | p | Mú | Tà | Sinmi |
|---|---|---|---|---|
| 1 | 20 | -20 | x | 0 |
| 2 | 26 | -20 | 6 | 0 |
| 3 | 28 | -20 | 8 | 6 |
| 4 | 18 | -12 | -2 | 8 |
| 5 | 25 | -12 | 13 | 8 |
| 6 | 30 | -12 | 18 | 13 |
| 7 | 27 | -12 | 15 | 18 |

Ìdáhùn ni èyí tó pọ̀ jù láàárín Tà àti Sinmi lórí ìlà tó gbẹ̀yìn, ìyẹn 18. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọjọ́ keje kún un ni. Àwọn kan máa ń dá Tà nìkan padà, ohun tí wọ́n á rí níbí ni 15, torí wọ́n rò pé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn lèèyàn gbọ́dọ̀ tà. Rárá, ọjọ́ kẹfà ni títà tó dáa jù ti wáyé, ó ti wọnú Sinmi. Mú ò sí nínú ìdáhùn ní tiẹ̀, torí ẹni tí ṣíà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn kàn kó owó sílẹ̀ lásán ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n rà àti ọjọ́ tí wọ́n tà, ẹ tọ tábìlì náà padà sẹ́yìn. 18 ti Sinmi ọjọ́ keje wá láti Tà ọjọ́ kẹfà. Ìyẹn wá láti Mú ọjọ́ karùn-ún, gbèsè 12, tó wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kẹrin. Gbèsè 12 ọjọ́ kẹrin wá láti Sinmi ọjọ́ kẹta, 6. 6 yẹn wá láti Tà ọjọ́ kejì, òun náà wá láti Mú ọjọ́ kìíní. Rà, tà, sinmi, rà, dì í mú, tà, sinmi.

Ẹ wá lè ṣí lápútọ́ọ̀pù báyìí

```python
def ere(iye):
    mu, ta, sinmi = float("-inf"), float("-inf"), 0
    for p in iye:
        mu, ta, sinmi = max(mu, sinmi - p), mu + p, max(sinmi, ta)
    return max(ta, sinmi)

print(ere([20, 26, 28, 18, 25, 30, 27]))  # 18
```

Ìlà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ ò nílò tábìlì ọlọ́jọ́ méje nínú kóòdù, torí òní ò bèèrè ju àná lọ, nọ́mbà mẹ́ta ti tó, kódà kí ọjọ́ náà pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Nǹkan tó wà níbẹ̀ tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Python ń ka gbogbo apá ọ̀tún tán kó tó fọwọ́ kan apá òsì, ìdí nìyẹn tí ìlà kan fi tó. Àmọ́ tó o bá pín in sí ìlà mẹ́ta, tó o kọ `mu`, lẹ́yìn náà `ta`, lẹ́yìn náà `sinmi`, `sinmi` á ka `ta` ti *òní* dípò ti àná. Ẹni tó tà lónìí á ti bá ara ẹ̀ ní Sinmi lónìí náà, á sì rà lọ́la, òfin ti fọ́ nìyẹn, kóòdù náà ò sì ní pariwo rárá. Báwo lo ṣe máa mọ̀? Fi nọ́mbà wa yìí dán an wò: tó bá gbé 20 jáde dípò 18, àṣìṣe yẹn ni. 20 ni èrè tó yẹ kéèyàn jẹ tí kò bá sí ọjọ́ ìsinmi rárá, 8 láti 20 sí 28 àti 12 láti 18 sí 30. Tí èdè tó ò ń lò ò bá gbà kó o yí mẹ́ta papọ̀, tọ́jú `ta` àná sí orúkọ míì kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o wá fi èyí tó o tọ́jú ṣírò `sinmi`.

Èkejì ni "x" tí mo ní kẹ́ ẹ di mú, òun ni `float("-inf")` nínú kóòdù. Ẹni tó bá kọ 0 sí `mu` níbẹ̀rẹ̀ ti fún ara ẹ̀ ní ṣíà ọ̀fẹ́ kí ọjà tó ṣí. Nínú àpẹẹrẹ wa á gbé 38 jáde, ìyẹn 18 pẹ̀lú 20 ti ọjọ́ kìíní tí kò san. Ọ̀nà tó yá jù láti fi mú un ni kẹ́ ẹ fún un ní iye tó ń já wálẹ̀ nìkan, bíi 9, 7, 4. Kò sẹ́ni tó lè jèrè níbẹ̀, 0 ló gbọ́dọ̀ sọ. Tó bá sọ 9, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò.

Tí wọ́n bá yí ìbéèrè náà padà

Àwọn tó ń ṣe íńtáfíù mọ̀ pé èèyàn lè há eléyìí sórí, ni wọ́n ṣe máa ń sọ pé, ó dáa, kí ìsinmi jẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹni tó há kóòdù sórí ti há nìyẹn. Ẹni tó ya ọfà kàn máa fi ipò kan kún un láàárín Tà àti Sinmi ni, ẹ jẹ́ ká pè é ní Tutù: láti Tà, Tutù nìkan lo lè lọ, láti Tutù, Sinmi nìkan.

```python
mu, ta, tutu, sinmi = max(mu, sinmi - p), mu + p, ta, max(sinmi, tutu)
```

`tutu` náà máa bẹ̀rẹ̀ láti `float("-inf")`, ìdáhùn sì máa di `max(ta, tutu, sinmi)`. Ẹ má gbàgbé `tutu` níbẹ̀ o. Nínú àpẹẹrẹ wa ìdáhùn jẹ́ 12, inú Tutù gan-an ló sì wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, ẹni tó gbàgbé ẹ̀ á rí 9. Ẹ tún wo bí 12 yẹn ṣe wá: ríra ní 18 àti títà ní 30, ìyẹn nìkan, a ò tiẹ̀ wọjà rárá títí di ọjọ́ kẹrin. Títà ní 26 lọ́jọ́ kejì ò wúlò mọ́, torí ìsinmi ọjọ́ méjì á gbé wa dé 25, 6 pẹ̀lú 5 sì jẹ́ 11.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má gbé kóòdù yìí lọ bá alágbàtà yín láti fi ra ṣíà ní tòótọ́. Ó ń ka iye gbogbo ọjọ́ méje kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ò sì mọ ti ọ̀la. Ohun tó dáa fún ni wíwo ẹ̀yìn: tó o bá jèrè ₦13 láàárín ọjọ́ méje yẹn, ó máa sọ fún ẹ pé ₦18 ló pọ̀ jù tó ṣeé jẹ, o wá mọ bó o ṣe ṣe sí.

Tí wọ́n bá ní alágbàtà ń gba owó tiẹ̀ nígbàkigbà tó o bá tà, ìyẹn ò nílò ipò tuntun. Orí ọfà tó ti Mú lọ sí Tà ni owó náà wà, o kàn máa yọ ọ́ níbẹ̀: `mu + p - owo`. Tí owó náà bá jẹ́ ₦3, títà méjèèjì tá a ṣe ṣì ni ó dáa jù, 18 yọ 6, ó ku 12. Tó bá di ₦7, títà ẹ̀ẹ̀mejì á ku 4, rírà kan ṣoṣo ní 18 tá a tà ní 30 á ku 5, kóòdù náà á sì yan 5.